Ẹ Bi Oògùn Yín Léèrè Orúkọ Àbísọ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ìyá ọlọ́jà sọ níbi ìpàdé wọn ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn, rèé. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, àfi àwọn ibi tí ẹ̀rín pọ̀ débi pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohun tí mo ń wí mọ́.

Ẹ kú òwò o, ẹ̀yin ìyá mi. Ajé á wọgbá. Ìyálọ́jà, mo kúnlẹ̀ o. Mo mọ̀ pé oníbàárà ń dúró, mi ò ní fi yín ṣòfò.

Ẹni tó wá pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí oògùn òrìjínà àti oògùn tí kì í ṣe òrìjínà. Mi ò bá a jiyàn lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ wá jiyàn ọ̀hún níwájú gbogbo yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ìyá kan wọlé sí fámásì mi ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn. Ọlọ́jà bíi tiyín ni wọ́n, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà, kì í ṣe nínú ọjà yìí. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ti wú débi pé sálúbàtà ọkọ wọn ni wọ́n wọ̀ wá. Wọ́n ní bí àwọn bá dìde nílẹ̀ láàárọ̀, ńṣe ni ilé ń yí àwọn lójú. Lásíìsì ni wọ́n wá rà, oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀, torí ẹnì kan ti sọ fún wọn pé omi ló dúró sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti lo káàdì kan tán, ẹsẹ̀ ò wálẹ̀, òmíràn ni wọ́n tún fẹ́ rà.

Mo ní, "Mà, ẹ má bínú, kí lẹ tún ń lò?" Wọ́n ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oríṣi méjì. Mo ní kí wọ́n bá mi kó gbogbo rẹ̀ wá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ọ̀rá dúdú kan wá, mo da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí káńtà. Nọ́fásìkì wà níbẹ̀, èyí tí dókítà kọ fún wọn láti nǹkan bí ọdún méjì. Páálí kejì tún wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣe ní Íńdíà, orúkọ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n ní ìgbà kan tí Nọ́fásìkì wọ́n gógó, tí wọn ò sì rí i rà, ni ọmọ àwọn ní Èkó fi èyí ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wá padà rí Nọ́fásìkì, wọn ò pa ti ọmọ tì. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọ̀kan jẹ́ ti òyìnbó, ọ̀kan jẹ́ ti Íńdíà. Ọ̀kan funfun, ọ̀kan pọ́n bí ìyeyè. Ṣé wọ́n á lè jẹ́ ọ̀kan náà ni?"

Mo yí páálí méjèèjì, mo fi ìka sí abẹ́ orúkọ ńlá tó wà lójú wọn. Lẹ́tà kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ohun tó wà lára ti àkọ́kọ́ ni amulodipíìnì, miligíráàmù 10. Ohun tó wà lára ti èkejì ni amulodipíìnì, miligíráàmù 10. Àgbàlagbà kì í lò ju miligíráàmù 10 rẹ̀ lọ lóòjọ́. Ìyá mi yìí ti ń lo 20 láti bí oṣù méjì, wọn ò mọ̀.

Ẹsẹ̀ wíwú náà kì í ṣe àrùn tuntun. Iṣẹ́ amulodipíìnì ni pé ó máa ń dẹ àwọn òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde láti inú ọkàn, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa rìn láìfi agbára ti ara rẹ̀. Bó bá wá pọ̀ lára, àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ á ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn tó ń gbé e padà ò sì ní ṣí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á máa rọ́ wọlé, kò ní tètè ríbi jáde, omi inú rẹ̀ á wá máa jò sínú ẹran ẹsẹ̀. Omi kò pọ̀ jù nínú ara, ibi tí kò yẹ kó wà ló lọ. Ìdí nìyẹn tí Lásíìsì ò fi rí i fà. Ìtọ̀ lásán ni wọ́n ń tọ̀, tí iyọ̀ ara wọn ń bá a lọ, òòyì tó ń kọ́ wọn sì ń le sí i. Ẹ rí i bí oògùn kan tó ní orúkọ méjì ṣe bí oògùn kẹta.

Mo kọ lẹ́tà fún wọn, mo ní kí wọ́n mú un tọ dókítà wọn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó wú ni oògùn wú. Ọkàn lè fà á, kídìnrín náà lè fà á, ojú lásán ò sì lè fi í mọ̀. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó dá ọ̀kan nínú amulodipíìnì méjèèjì dúró, ó sì dá Lásíìsì náà dúró. Amulodipíìnì kì í tètè kúrò lára: kí ìdajì èyí tí ènìyàn lò tó jáde, ó máa ń tó ọgbọ̀n wákàtí sí àádọ́ta. Nítorí náà, wọn ò rí ìyàtọ̀ lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n tó wọ bàtà ara wọn wá kí mi.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá mi, ọ̀rọ̀ tí mo bá wá gan-an nìyí. Ọmọ tí a bí máa ń ní orúkọ àbísọ. Bó bá dàgbà, tó wọ ọjà, àwọn ènìyàn á fún un ní tiwọn: Ìyá Aláṣọ, Àńtí Onírẹsì, Alájà Ẹlẹ́pà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Ìyá Aláṣọ lè máà mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bí oògùn náà ṣe rí nìyẹn. Orúkọ àbísọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo káàkiri ayé, Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ń yàn án, wọ́n sì ti ń tẹ ìwé àwọn orúkọ náà jáde láti ọdún 1953. Amulodipíìnì, orúkọ àbísọ ni. Parasitamọ́ọ̀lù, orúkọ àbísọ ni. Ṣùgbọ́n Nọ́fásìkì, àlàjẹ́ ni, ilé-iṣẹ́ Fáísà ló sọ oògùn náà bẹ́ẹ̀. Pànádọ́ọ̀lù pẹ̀lú, àlàjẹ́ ni.

Ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ wá oògùn kan rí máa ń ná owó gọbọi sórí rẹ̀. Ìjọba á wá fún un ní ẹ̀tọ́ pé ní ogún ọdún, láti ọjọ́ tó ti fi ìwé sílẹ̀, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe é. Ọdún ìwádìí náà wà nínú ogún ọdún yẹn, nítorí náà, ìgbà tí oògùn bá fi dé orí àtẹ, ó lè má ju ìdajì rẹ̀ lọ tó kù. Bí ọdún náà bá pé, ẹnikẹ́ni tó bá ní ilé-iṣẹ́ tó yẹ lè ṣe irú rẹ̀. Èyí tí àwọn ẹlòmíràn ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀tọ́ tán yìí ni àwa apòògùn ń pè ní jẹnẹ́ríìkì. Àwọn míì á fi orúkọ àbísọ nìkan sí i lójú, àwọn míì á sì fún un ní àlàjẹ́ tiwọn, torí ọjà títà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ta ló ti lo Lónáàtì rí fún ibà? (Ọwọ́ gòkè bí ìgbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì.) Ta ló ti lo Koátẹ̀mù? (Ọwọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún.) Ó dáa. Nínú méjèèjì, èwo ni òrìjínà?

Wọ́n pariwo pé, "Lónáàtì!"

Ẹ̀yin ìyá mi, Koátẹ̀mù ni. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà ló kọ́kọ́ so oògùn méjì tó wà nínú rẹ̀, atẹmítà àti lumẹfántírìn, pọ̀, ilé-iṣẹ́ Nofáátìsì ló sì bá wọn gbé e jáde. Lónáàtì dé lẹ́yìn, Íńdíà ni wọ́n ti ń ṣe é. Oògùn méjì kan náà ló wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n kan náà. Bí ẹ bá ra oníhóró mẹ́fà ti àgbàlagbà nínú èyíkéyìí, lílò rẹ̀ ò yàtọ̀: ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ọ̀kan láàárọ̀ àti ọ̀kan lálẹ́ fún ọjọ́ méjì, pẹ̀lú oúnjẹ tó lọ́ràá, torí láìsí ọ̀rá, lumẹfántírìn kì í wọlé dáadáa. Ẹ ti ń lo jẹnẹ́ríìkì láti ọjọ́ yìí, ara yín sì ń yá. Ẹ kàn ń pè é ní òrìjínà ni.

Ibí yìí ni ìyá aláṣọ kan ti dìde. Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ má tàn wá o. Họ̀lándíìsì, Họ̀lándíìsì ni. Ti Ṣáínà tó jọ ọ́, bí ènìyàn bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ á bá omi lọ. Ohun olówó pọ́ọ́kú, ẹ mọ̀ bó ṣe ń ṣe."

(Èmi kì í ṣe dókítà, apòògùn ni mí, ṣùgbọ́n mo ti sọ̀rọ̀ yẹn sú.)

Mà, òótọ́ lẹ sọ nípa aṣọ. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ẹni tó fẹ́ ta àǹkárá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ nígbà ogún níwájú ìjọba. Ti oògùn yàtọ̀. Èlùbọ́ ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Èlùbọ́ Ṣakí tó dé sínú àpò ńlá, tí Ìyá Eléèlùbọ́ ń fi kóńgò wọ̀n, àti èlùbọ́ Ṣakí kan náà tí wọ́n dì sínú ọ̀rá aláràbarà, tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́, tí wọ́n gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù olówó ńlá. Àmàlà méjèèjì, ṣé ó yàtọ̀? (Ẹ ò rí i pé eléèlùbọ́ ló kọ́kọ́ dáhùn!) Owó ọ̀rá àti owó orúkọ ló wà láàárín wọn. Jẹnẹ́ríìkì àti olórúkọ ńlá nìyẹn.

Ó tún ku oríṣi méjì tí ẹ̀yin gan-an mọ̀ jù mí lọ. Èlùbọ́ tí oòrùn ò sá gbẹ, tí kòkòrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ojúlówó èlùbọ́ ni, àmọ́ ó ti bàjẹ́. Oògùn náà wà bẹ́ẹ̀: ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ò bójú tó o, tàbí ẹni tó ń tà á gbé e sínú oòrùn láti àárọ̀ di alẹ́, nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ooru ò gbọdọ̀ ju 30 lọ. Èkejì ni èyí tí ẹnì kan lọ nǹkan mìíràn pọ̀, tó sọ pé èlùbọ́ iṣu ni. Ayédèrú nìyẹn. Lọ́dún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn ò pọ̀ bíi tiwa, bí a bá mú oògùn mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ bíbàjẹ́ tàbí ayédèrú. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù yín ti wá, ìbẹ̀rù náà sì tọ́. Orí ẹni tí kò ṣẹ̀ lẹ kàn ń gbé e lé.

Ohun tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó gbà pé jẹnẹ́ríìkì àti ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọgbọọgba rèé. Wọ́n á kó àwọn tí ara wọn le jọ, bíi mẹ́rìnlélógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fún ìdajì wọn ní ti àkọ́kọ́, wọ́n á fún ìdajì ní tuntun. Wọ́n á máa fa ẹ̀jẹ̀ wọn díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí sí wákàtí, wọ́n á máa wọn iye oògùn tó wà nínú rẹ̀: báwo ló ṣe ga tó, báwo ni gbogbo rẹ̀ ṣe pọ̀ tó títí tó fi tán lára. Wọ́n á sinmi títí oògùn náà á fi kúrò lára wọn, wọ́n á wá pààrọ̀: ẹni tó lo ti àkọ́kọ́ á lo tuntun. Bí ènìyàn kan ṣe jẹ́ ìwọ̀n fún ara rẹ̀ nìyẹn. Bí iye méjèèjì ò bá sún mọ́ra dé ibi tí òfin sọ, oògùn tuntun náà ò yege nìyẹn.

Àwọn kan máa ń sọ pé òfin gba jẹnẹ́ríìkì láyè kí ogún nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ dín. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin sọ pé 80 sí 125 nínú ọgọ́rùn-ún ni ààlà, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye tó bọ́ sí àárín nìkan ni wọ́n ń wò. Gbogbo ibi tí iye náà lè ta sí, sókè àti nísàlẹ̀, ni kò gbọdọ̀ kọjá ààlà. Oògùn tó bá dín ní ogún lóòótọ́ á ti ta kọjá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 2,070 jọ, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2009. Bí wọ́n ṣe pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìyàtọ̀ iye oògùn tó wọ ara kò tó 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó jẹun yó àti ẹni tí kò jẹun, ìyàtọ̀ àárín wọn lè ju ìyẹn lọ.

Kì í ṣe gbogbo oògùn ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ fún yín. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń yọ́ nínú omi tí wọ́n ṣe bí omi inú ikùn ni wọ́n fi ń gbà wọ́n wọlé. Ìyẹn náà ní òfin tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ife omi inú ilé yín ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Àwọn kan máa ń ju hóró oògùn sínú omi, bí kò bá tètè yọ́, wọ́n á ní fèèkì ni. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n fi nǹkan bò kó má baà tètè yọ́.

Kí ló wá dé tí àwọ̀ wọn fi yàtọ̀? Ẹ mú hóró ṣúgà kan, ẹ pín in sí ọ̀nà irinwó. Ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni amulodipíìnì miligíráàmù 10 wúwo tó. Ọwọ́ ò lè rí i dì mú dáadáa. Nítorí náà, wọ́n á fi sítáàṣì tàbí nǹkan mìíràn tí kì í ṣe oògùn kún un kó lè tó hóró, wọ́n á pa á láró bó ṣe wù wọ́n. Èyí ni ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe lọ́nà tirẹ̀. Ìyẹn ni ìyá tó wú lẹ́sẹ̀ rí, tí wọ́n rò pé oògùn méjì ni.

Àwọn kan á tún ṣe òdìkejì. Wọ́n á ní jẹnẹ́ríìkì ò lágbára, wọ́n á fi méjì dípò ọ̀kan. Inú kòtò kan náà ni wọ́n ń kó sí, ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ ló yàtọ̀. Parasitamọ́ọ̀lù ni mo sì ń rí i jù lọ. Pànádọ́ọ̀lù láàárọ̀ fún orí, oògùn ọ̀fìnkìn lọ́sàn-án, ti ara ríro lálẹ́. Bí ẹ bá wo lẹ́tà kéékèèké wọn, parasitamọ́ọ̀lù wà nínú àwọn tó pọ̀ nínú wọn. Hóró mẹ́jọ onímiligíráàmù 500 ni òpin fún àgbàlagbà lóòjọ́, láti inú gbogbo wọn pọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń jìyà ohun tó bá lé.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú ni mo fẹ́ padà sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹ rò pé bí ẹ bá ra olórúkọ ńlá, ẹ ti bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọlọ́jà, ta ni olè ń tọ̀ lọ, ẹni tó ń ta wúrà ni àbí ẹni tó ń ta ewé? Ẹni tó fẹ́ ṣe ayédèrú kì í wá oògùn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Orúkọ tí gbogbo ayé ń bèèrè, tí owó rẹ̀ sì ga, ló ń wá. Lọ́dún 2023, ilé-iṣẹ́ GSK, tó ni Ògùmẹ́ntìn, oògùn tó ń pa kòkòrò, kéde pé àwọn fẹ́ kógbá sílé ní Nàìjíríà. Ẹ rántí bí Ògùmẹ́ntìn ṣe wọ́n lẹ́yìn náà. Àwọn ènìyàn ń wá orúkọ náà kiri, wọn ò gba nǹkan mìíràn, àwọn oníjìbìtì sì rí àyè wọlé, títí NAFDAC fi ń kéde pé ayédèrú rẹ̀ ti wà nígboro. Jẹnẹ́ríìkì rẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC wà lórí àtẹ mi ní gbogbo àsìkò náà. Àwọn kan wò ó, wọ́n ní àwọn ò fẹ́, wọ́n bọ́ síta lọ ra Ògùmẹ́ntìn lórí tábìlì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Nọ́ńbà NAFDAC ló kọ́kọ́ yẹ kó wà, ṣùgbọ́n oníjìbìtì lè da nọ́ńbà kọ. Ẹ ní kí ọmọ yín tó ní fóònù ṣí greenbook.nafdac.gov.ng, kó tẹ orúkọ oògùn náà sí i. Orúkọ, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é àti nọ́ńbà tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu. Ọ̀pọ̀ oògùn ibà àti oògùn tó ń pa kòkòrò tún ní ibi tí ẹ máa ha lára wọn, nọ́ńbà á jáde, ẹ ó fi ránṣẹ́ sí orí ìlà tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò gba owó. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó ra á o: bí wọ́n bá ti ha á tẹ́lẹ̀, ẹ dá a padà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ní èyí tí ẹ máa ha. Fún ìyẹn, ibi tí ẹ ti rà á ló ṣe pàtàkì jù. Fámásì tí apòògùn wà ńbẹ̀ ni kó jẹ́, tí ẹ lè padà lọ bá a wí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń tà á nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀la lẹ ò ní rí i.

Ó ní àwọn tí mi ò fẹ́ kí wọ́n yí oògùn padà fúnra wọn, kódà bí orúkọ àbísọ bá bára mu. Ẹni tó ní wárápá ni àkọ́kọ́. Lọ́dún 1968, nílùú Bírísíbéènì ní Ọsirélíà, àwọn tó ń lo oògùn wárápá kan, fẹnitóìnì, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ojú ń yí wọn. Wọ́n wádìí títí. Ìwọ̀n oògùn ò yí padà, orúkọ ò yí padà. Nǹkan tí wọ́n fi kún un ni ilé-iṣẹ́ pààrọ̀, láti oríṣi ẹfun kan sí lákítóòsì, ṣúgà inú wàrà. Ẹfun yẹn ti ń di oògùn náà lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n yọ ọ́, oògùn rọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Fún amulodipíìnì, irú ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan. Fún fẹnitóìnì, àlàfo tó wà láàárín ìwọ̀n tó ń wo ènìyàn àti èyí tó ń pa á lára tín-ín-rín ni. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì náà rí bẹ́ẹ̀, ti táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kan lọ́rùn, tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa náà sì rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń lo irú wọn, èyí tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ dúró tì, ì báà jẹ́ jẹnẹ́ríìkì, ì báà jẹ́ olórúkọ. Bó bá di dandan kí ẹ pààrọ̀, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀, kó lè yẹ̀ yín wò lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè ìkẹyìn wá láti ẹnu màmá kan tó jókòó sẹ́yìn, tó ń ta gbúre. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ dùn. Ṣùgbọ́n èmi ò mọ̀wé. Lẹ́tà kéékèèké tí o ń sọ, báwo ni mo ṣe máa kà á?"

Òun ni ìbéèrè tó dára jù lọ lọ́jọ́ náà, ìtìjú sì mú mi pé èmi fúnra mi ò kọ́kọ́ rò ó. Mo ní, "Mà, ẹ má kà á. Ẹ wò ó bí ẹni ń wo ojú ènìyàn." Mo mú páálí amulodipíìnì kan nínú àpò mi, mo fi sísọ́ọ̀sì gé ibi tí orúkọ àbísọ àti ìwọ̀n wà, mo fún wọn. Mo ní kí wọ́n fi í sínú àpò owó wọn. Bí wọ́n bá lọ ra oògùn, bí apòògùn bá ní òmíràn ló kù, kí wọ́n gbé tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n fi ìka tọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n tún tọ́ nọ́ńbà ìwọ̀n. Bí ó bá yàtọ̀ níbì kan, kí wọ́n bèèrè.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó yé wọn, ni mo bá mú páálí kejì jáde, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, ọ̀kan nínú méjì tó wà nínú Moduretíìkì, tó tún jọ tàkọ́kọ́ lójú. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí mo gé, mi ò sọ nǹkan kan. AMLODIPINE, AMILORIDE. Màmá fi ìka wọn tó ti dúdú nítorí ẹ̀fọ́ tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́, wọ́n mi orí. Wọ́n tẹ èkejì, wọ́n mi orí. Wọ́n dé orí ẹ̀kẹta, wọ́n dúró, wọ́n gbé páálí náà sún mọ́ ojú.

Wọ́n ní, "Èyí tẹsẹ̀ síta nísàlẹ̀, tìrẹ dúró ṣánṣán. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Gbé e padà."